Olóhùn Líle àti Olóhùn Dídùn

Nígbà tí mo kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn oṣooṣù kan, nípa bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà àwọn òyìnbó kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, mo fi ìdánilójú ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì já nírọ́ rí sọ pé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tí a sì gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ni ó kọ́kọ́ gbé kálàmù láti kọ èdè wa sílẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1843. Ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí, ó sì jọ ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé kì í rántí yẹ̀ wò.

Oṣù kò parí tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òmíràn láti ọwọ́ olóòtú, òmíràn tààrà sórí fóònù mi, nítorí mo ti fi nọ́ńbà mi sí ìdí àpilẹ̀kọ náà, ìwà òmùgọ̀ tí n kò tún hù mọ́ láti ọjọ́ náà. Mẹ́ta nínú wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Èkíní kà báyìí pé: ‘Òpùrọ́ ni ọ́. Raban ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Sàró kí Àjàyí tó ṣe tirẹ̀. Òǹkọ̀wé tí kì í kàwé, ta ni yóò ka tirẹ?’ Ẹni tí ó kọ ọ́ kò kí mi, kò sì bìkítà pé bàbá àgbà ni mo jẹ́ nínú ilé mi. Èkejì ní: ‘Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, bàbá wa. Ọlọ́run yóò máa fún yín ní òye sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ̀rí wo ni ẹ ní pé ọmọ ilẹ̀ wa ni Crowther ní tòótọ́?’ Ẹ̀kẹta bú ìlú mi, ó bú orí mi tí irun ti ṣí kúrò níbẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ohunkóhun tí mo kọ. N kò kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì ní fi ju gbólóhùn yìí lọ ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìṣìnà mi ni pé olóhùn dídùn ni mo dá lóhùn. Ojú tì mí láti jẹ́ kí ẹni tí ó kúnlẹ̀ kí mi dìde lásán, mo sì kọ ojú ìwé méjì gbáko sí i, mo tọ́ka sí lẹ́tà tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, nínú èyí tí ó ti ròyìn bí ogun ṣe kó òun àti ìyá òun. Ó dúpẹ́ títí, ó wá bi mí bóyá ó dá mi lójú pé Crowther tìkára rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà náà. Mo tún dáhùn. Ó tún dúpẹ́, ó ní kí n jọ̀wọ́ ṣàlàyé bóyá àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ ń pe ara wọn ní Yorùbá ní ayé ìgbà náà. Ìbéèrè yìí ni ó tún tàn mí jù, nítorí ìbéèrè gidi ni: àwọn Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà kọ́kọ́ jẹ́ tiwọn, kí ó tó di ti gbogbo wa, àwọn ará Sàró a sì máa pe àwọn ènìyàn wa tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ní Àkú, nítorí pé ‘ẹ kú’ kì í wọ́n ní ẹnu wọn. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ Àkú yìí bí ẹni tí ó jókòó ti ọ̀pẹ tí ń ro ẹmu, ọ̀sẹ̀ kẹta sì ti ń lọ, nígbà tí mo fi èsì ránṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi dá mi lóhùn pé: ‘Ẹ ṣeun, bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wo ni ẹ ní pé ọmọ ilẹ̀ wa ni Crowther?’

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Àìlóye ni ìbá jẹ́ bí ó bá tún béèrè nítorí pé ìdáhùn mi kò yé e; ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí kò yé e, kò já ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú àlàyé mi, kò sì gbà á. Ó kàn ń yí mi po bí màlúù ibi ìfúnpo ni. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: irú ẹ̀rí wo ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn bí mo bá rí i? Àdúrà ni ó fi dáhùn, pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn.

Ohun tí ó wá dùn mí jù ni ohun tí mo bá pàdé nínú wàhálà náà. Níbi tí mo ti ń tú ìwé kiri nítorí Àkú ni mo ti kan John Raban, òyìnbó oníwàásù kan ní Sàró, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè ‘Eyo’, èyíinì Ọ̀yọ́, jáde láàárín ọdún 1830 sí 1832, ó tó ọdún mẹ́wàá dáadáa ṣáájú ti Crowther. Òtítọ́ ni olóhùn líle sọ! Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù mi láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ti fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó nítorí ‘òpùrọ́’ tí ó fi ṣáájú. Ajá tí yóò sọnù ni mí, n kò gbọ́ fèrè ọdẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní àṣà kan. Bí èsì bá dé tí ó mú inú mi ru, n kì í fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń dà á kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, n ó yọ gbogbo èébú inú rẹ̀ kúrò, n ó sì yọ gbogbo oríyìn àti àdúrà pẹ̀lú, nítorí pé ṣúgà a máa bo adùn òtítọ́ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ata ti í ṣe. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni mo ń wò. Nínú ti olóhùn líle, orúkọ kan ṣẹ́kù, àti ìlú kan, àti ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni lè lọ yẹ̀ wò láìmọ èmi tàbí òun. Nínú ti ẹ̀kẹta, bébà funfun ni ó ṣẹ́kù. Ti olóhùn dídùn ni kò rọrùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ṣẹ́kù lóòótọ́, a kò sì lè mọ̀ láti inú lẹ́tà kan bóyá òtítọ́ ni ó fi béèrè. Àfi kí a dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kí a wo ohun tí yóò fi ìdáhùn náà ṣe. Nítorí náà ni irú rẹ̀ fi ń gba ìdáhùn kan lọ́wọ́ mi títí dòní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ gbangba ni ó ti béèrè, tí àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́, ìdáhùn kan náà tó fún wọn. Bí ó bá jẹ́ ní kọ̀rọ̀, ta ni mo tún fẹ́ wí fún?

Mo kọ àtúnṣe sí olóòtú, gbólóhùn mẹ́ta péré: pé mo ṣì í, pé Raban ni ó ṣáájú Crowther, àti pé òǹkàwé kan ni ó tọ́ mi sọ́nà. N kò fi àwáwí kankan kún un, bí ó tilẹ̀ ń yún mi lọ́wọ́ láti fi hàn pé ọmọ bíbí èdè náà ni Crowther, kì í ṣe àlejò sí i bíi Raban. Lẹ́yìn náà ni mo wá ránṣẹ́ sí olóhùn líle, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì fún pípẹ́ mi. N kò dárúkọ èébú rẹ̀ rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èsì rẹ̀ dé: ‘Ó ku Kilham. 1828. Obìnrin ni. Lọ kà á, ọ̀lẹ.’

Ara mi gbóná. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e, mo sì mú ìwé pẹlẹbẹ mi. Mo yọ ‘ọ̀lẹ’ kúrò. Orúkọ kan àti ọdún kan ni ó ṣẹ́kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé fìlà mi, mo gba ilé ìkàwé lọ, mo sì bá Hannah Kilham níbẹ̀, olùkọ́ obìnrin kan tí ó ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú ọ̀pọ̀ èdè ní Sàró, tí ti Àkú sì wà láàárín wọn.