Ìwé Egbò, Ọjọ́ sí Ọjọ́

Àwọn tó ń tọ́jú egbò nílé kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí ìwé kíkọ. Wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ròyìn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: "Egbò Bàbá dára díẹ̀ lónìí." "Nọ́ọ̀sì ti yí oògùn rẹ̀ padà." "Ó rùn láàárọ̀, ó ti rọlẹ̀ báyìí." Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò burú. Àmọ́ bí dókítà bá bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé egbò yìí ń kéré sí i, a ó ṣí ojú ìwé títí, a kò ní rí ìdáhùn.

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ló gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò sì yọ sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, nítòsí gìgísẹ̀. "Mọ́mì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀," ó ní. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. A mú rúlà, a fa ìlà sí ìwé tuntun.

Ọjọ́ ni a kọ́kọ́ tò. Níbi tó ti kọ "Ọjọ́ Ajé tó kọjá", a wo káàdì ọsibítù tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí, a sì rí ọjọ́ gan-an. Mo ní kó kọ orúkọ oṣù, kó má fi nọ́ńbà dípò rẹ̀, torí ẹlòmíì lè ka 3/4 sí oṣù kẹta, ẹlòmíì sì lè kà á sí oṣù kẹrin.

Ìwọ̀n ló kàn. Gígùn rẹ̀ ni ibi tó gùn jù láti ìhà gìgísẹ̀ lọ sí ìhà ọmọ ìka. Ìbú ni ibi tó fẹ̀ jù ní ìdábùú gígùn yẹn. Ẹnì kan náà ni kó máa wọ̀n ọ́n, lọ́nà kan náà, kí ẹsẹ̀ sì wà ní ipò kan náà. Bí a bá fi ìbú sọ gígùn di púpọ̀, ohun tó jáde máa ń ju egbò náà lọ díẹ̀, torí egbò kì í ní igun mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò ṣèpalára bí a bá ń ṣe é bákan náà nígbà gbogbo. Ibi tí ìwé ti sọ pé "ó tó owó kọ́bọ̀" ni ọmọ náà ti fẹ́ fojú díwọ̀n kó lè rí nǹkan kọ. Mo kọ̀. A kọ "a kò wọ̀n ọ́n" síbẹ̀, torí ìwọ̀n àfojúdá yóò dà bí òótọ́ lójú ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa.

Bí ó ṣe rí nìyí nígbà tí a parí:

| Ọjọ́ | Gígùn × ìbú (sẹ̀ǹtímítà) | Ìrísí | Àmì àrùn | Ohun tí a fi dì í |
|---|---|---|---|---|
| 3 Oṣù Kẹta | 5 × 4 | yẹ́lò ló pọ̀, dúdú díẹ̀ | òórùn wà; wíwú kò sí; ooru: a kò wò ó | gọ́ọ̀sì àti omi iyọ̀ |
| 10 Oṣù Kẹta | a kò wọ̀n ọ́n | yẹ́lò àti dúdú | òórùn wà, wíwú wà, ooru wà | gọ́ọ̀sì àti àyódíìnì |
| 17 Oṣù Kẹta | 5.2 × 4.2, wọ́n ti gé ẹran òkú | pupa ló pọ̀ | òórùn kò sí. Wíwú ń lọ. Ooru kò sí | oyin ọsibítù |
| 24 Oṣù Kẹta | 4.5 × 3.6 | pupa; etí funfun, ó rọ̀ | mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí | fóòmù tó ń fa omi |
| 31 Oṣù Kẹta | 4 × 3 | pupa. Etí ti gbẹ | mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí | fóòmù kan náà |

Ẹ wo òpó àmì àrùn. Kò sí ibi tí a kọ "ó ní àrùn" tàbí "kò ní àrùn" sí. Dókítà ló ni ìdájọ́ yẹn. Àmì kọ̀ọ̀kan la kọ. "Kò sí" sì yàtọ̀ sí "a kò wò ó". Àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, ìtumọ̀ méjèèjì ni ènìyàn lè kà sí i. Bó bá jẹ́ awọ ara dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í hàn dáadáa. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ká fi kan ara tó yí egbò ká, ká fi wé ẹsẹ̀ kejì, ká wò ó bóyá awọ náà ń dán, bóyá ó ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora rárá, nítorí náà bí ìrora tuntun bá dé, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bí pípọ́n tàbí ooru bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí egbò, tàbí tí ibà bá dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ ọsibítù. Ká má dúró de ìlà tó kàn.

Ká fọ egbò kí a tó gbóòórùn rẹ̀, kí a tó wo àwọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lára a máa rùn fúnra rẹ̀, oyin a máa fi ohun yẹ́lò sílẹ̀, àyódíìnì a sì máa kun gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fọ egbò lè kọ̀wé pé ọyún wà níbi tí kò sí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú àtẹ yìí ni òpó tó gbẹ̀yìn. Ohun tí a fi di egbò lọ́jọ́ kan, ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa sọ ohun tó ṣe. Oyin ni a fi dì í ní ọjọ́ 17. Ní ọjọ́ 24, etí egbò ti funfun, ó ti rọ̀. Oyin a máa fa omi jáde láti inú egbò, omi yẹn ló sì rẹ etí rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìlà ọjọ́ 24 nìkan yóò di ẹ̀bi ru fóòmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ní ọjọ́ 31, fóòmù ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, etí ti gbẹ.

Ìṣirò wá kù. Gígùn tí a fi ìbú sọ di púpọ̀ jẹ́ 20 ní ọjọ́ 3, ó di 12 ní ọjọ́ 31. Fún egbò ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà, àwọn oníṣègùn a máa retí kó ti dín tó ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ìyẹn 10. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún ìtọ́jú gbé yẹ̀ wò. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kó tún wo ọjọ́ 17. Egbò tí wọ́n gé ẹran òkú kúrò lára rẹ̀ kò burú sí i bó tilẹ̀ tóbi sí i. Ìgbà yẹn ni ìtóbi rẹ̀ gan-an hàn. Bí a bá kà á láti ibẹ̀, nǹkan bíi 22 ló di 12 ní ọ̀sẹ̀ 2. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe egbò tó dúró sójú kan. Síbẹ̀, ìṣirò méjèèjì la kọ sísàlẹ̀, kí dókítà fúnra rẹ̀ wò ó.

Àtẹ yìí kò lè sọ bóyá Bàbá ń tẹ gìgísẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn nǹkan méjèèjì yìí sì lè dá egbò dúró kí ohun tí a fi dì í má ráyè ṣiṣẹ́. A fi òpó kan kún un. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí a ó kọ síbẹ̀ fún ọjọ́ 31, ó rẹ́rìn-ín: Bàbá ti ń dọ́gbọ́n rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn ará ilé tó jí.