Ọjà Akodeséwà Lójú Àwọn Àlejò

Ó ṣòro kí a rí ìwé atọ́nà kan nípa Lómè tí kò dárúkọ ọjà Akodeséwà, níbi tí a ti ń ta orí ọ̀bọ, awọ ọ̀gà, ìyẹ́ ẹyẹ àti oríṣiríṣi èròjà oògùn. Àwọn ẹbí wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa ní Jijolé. Ṣé ó yẹ kí a mú wọn débẹ̀? Wọ́n ti ka ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ lórí Google Maps, ọ̀rọ̀ náà sì dojú rú: ẹnìkan ní ìyanu ni, ẹlòmíràn ní ẹ̀tàn gbáà ni.

A tún àwọn àkọsílẹ̀ náà kà, ṣùgbọ́n a pa iye ìràwọ̀ tì. Ohun tí ojú wọn rí ni a ń wá, kì í ṣe bí inú wọn ti dùn tàbí bàjẹ́ tó. A wá rí i pé ìrìn kan náà ni àwọn tó yin ọjà náà àti àwọn tó bú u ń ròyìn. Wọ́n san owó ìwọlé, owó fọ́tò wà lọ́tọ̀. Afinimọ̀nà ṣàlàyé èròjà tí a fi ń wo àìsàn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó mú wọn wọ yàrá kékeré kan, níbi tí oníṣègùn ti súre sí ońdè, tí ó sì bi òrìṣà léèrè iye tí wọn yóò san. Iye náà máa ń ga. Bí àlejò bá sì ti ń ná an, ó ń já wálẹ̀. Yàrá yẹn ni ó ń fa ìbínú, kì í ṣe ọjà.

Ó tún yẹ kí a bèèrè ta ni ó kọ ọ́. Àrà ni orí ọ̀bọ gbígbẹ jẹ́ fún ará Paríìsì, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ti mọ ìsọ̀ lékuléja láti kékeré. Nítorí náà, a ní láti dín ìyìn náà kù fún àwọn tiwa, kí a sì dín ìráhùn nípa òórùn kù pẹ̀lú. Ohun tí yóò jẹ́ tuntun fún wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan tí a kà: láti gbọ́ orúkọ Legba, Gu àti Hebioso lẹ́nu ẹlòmíràn, kí wọ́n sì dá Èṣù, Ògún àti Ṣàngó mọ̀ lára wọn. (Ní ti iye owó, a kò gba èyí tó ti lé ní ọdún kan gbọ́.)

A fi ọjà náà sínú ètò, fún wákàtí kan péré ní òwúrọ̀. A ó fi ẹnu kò lórí gbogbo owó lẹ́nu ọ̀nà, ti fọ́tò pẹ̀lú, a ó sì sọ fún afinimọ̀nà pé a kò ní wọ yàrá. Ọ̀sán wà fún Ààfin Lómè, ilé tí àwọn Jámánì kọ́ fún gómìnà wọn, tí a ṣí fún ará ìlú ní ọdún 2019. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin nìkan ni ó kọ̀: ó ní orí ọ̀bọ tí òun ń rí nílé ti tó òun. A ó fi í sílẹ̀ ní Ọjà Ńlá, kí ó máa wo aṣọ.