Ta ló ń mú owó ilé dání?

Àbúrò mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ ra ilé ní Bẹ̀nẹ̀, ta ni yóò mú owó dání kí ilé tó di tèmi?" Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni kẹta ni wọ́n ń kó owó fún, kì í ṣe ẹni tó ń tà, kì í ṣe ẹni tó ń rà. Ẹ́síkírọ̀ ni wọ́n ń pè é. Níbí, nọtẹ́ẹ̀rì ló ń ṣe é.

Olùkọ́ bíi tèmi kan ra ilé ní mílíọ̀nù 12 sẹ́fà. Ilé náà ní títì fónsíè, ìyẹn ìwé ilẹ̀ ti ìjọba. Kò ka owó lé olówó ilé lọ́wọ́. Níwájú nọtẹ́ẹ̀rì ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó sì san mílíọ̀nù 1.2 sínú àpò owó ọ́fíìsì náà ní báńkì. Nọtẹ́ẹ̀rì wá béèrè lọ́wọ́ ANDF, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, bóyá gbèsè wà lórí ilé náà. Ó wà: wọ́n ti fi ilé náà dúró ní báńkì, ó sì ku mílíọ̀nù 3 láti san.

Ká ní ọwọ́ olówó ilé ni owó lọ tààrà, ó lè ná an tán, kí báńkì sì wá gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mílíọ̀nù 10.8 tó kù dé, nọtẹ́ẹ̀rì san mílíọ̀nù 3 fún báńkì. Báńkì yọwọ́ kúrò, orúkọ yí padà, olówó ilé wá gba mílíọ̀nù 9 tirẹ̀. Owó orí àti owó iṣẹ́ nọtẹ́ẹ̀rì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó rà á san ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: àpò owó ọ́fíìsì ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe fóònù akọ̀wé, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹni tó mú yín lọ wo ilé. Kí rìsíìtì sọ iye owó àti ilé tó wà fún. Kí ìwé àdéhùn sì sọ ọjọ́ tí owó yóò kúrò níbẹ̀, àti ẹni tí yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí ọjà bá bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹbí wa ní Kétu ni kò ní títì fónsíè. Ìwé tí a ń gbà ní mẹ́rì ń jẹ́rìí pé ẹni méjì ṣe àdéhùn ni. Kò mú owó ẹnikẹ́ni dání, kò sì sọ pé ẹni tó tà á ló ni ín. Nọtẹ́ẹ̀rì lè pa owó mọ́, kò lè sọ ilẹ̀ olónílẹ̀ di tiyín. Ẹ bi àgbà ẹbí àti aládùúgbò léèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.