Ọ̀pá Lásán Kí Ó Tó Kan Ìwúwo

Ọmọ ọdún 15 ni àbúrò mi, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé ìwúwo, ìyá wa kọ̀ jálẹ̀: “Ṣé o fẹ́ kí ó di ràrá ni?” Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìwúwo kì í dá gíga ọmọ dúró, èyí tí ó ju agbára lọ, tí a kò mọ̀ ọ́n gbé, ni ó ń ṣeni léṣe.

Ọ̀pá lásán ni a fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Yóò lóṣòó, yóò dìde, nígbà 8. Yóò sinmi, yóò sì tún un ṣe. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, orúnkún kò gbọdọ̀ tẹ̀ sí inú, ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ká. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbá kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ gbé ti lítà 10. Ní ìgbà kẹfà, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ sí inú. Mo ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà gbé e!”

“O gbé e, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ ti kọ̀ ọ́.”

A padà sí lítà 5. Bí ó bá ṣe é láìṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì léraléra, a ó fi lítà kan kún un. Bí ìdíje bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni a ń ṣe é lọ́sẹ̀ náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi.

Nísinsìnyí, ìyá wa ni ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà: “Gìgísẹ̀ rẹ ti gbéra o!”