Ìdí Tí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ẹ̀dọ̀fóró Fi Ń Fún Pọ̀

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ibikíbi tí ọ́síjìn bá ti dínkù nínú ara, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ a máa gbòòrò, kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè tètè débẹ̀. Òótọ́ ni fún ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré. Òótọ́ ni fún ọpọlọ pẹ̀lú. A kò rántí pé ẹ̀yà ara kan wà tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀, àfi ìgbà tí òtútù àyà dá ìyá wa dùbúlẹ̀ ní Kétu.

Àwòrán àyà fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ni àrùn náà wà. Omi àti ọyún ti kún inú àwọn àpò atẹ́gùn ibẹ̀. Wọ́n ti fi ọ́síjìn sí ìyá wa nímú, síbẹ̀ ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì fi há wọn níka ka 89 nínú 100. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí apá tó ń ṣàìsàn wà lókè. Ó yà wá lẹ́nu, a sì bi dókítà léèrè. Ó ní: “Olùkọ́, ẹ̀jẹ̀ a máa fà sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wa padà sídìí ìwé. Ẹsẹ̀ ń jẹ ọ́síjìn ni, ṣùgbọ́n ọjà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rà á ni ẹ̀dọ̀fóró. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ sáré lọ bá ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n kí ni yóò lọ ṣe ní ìsọ̀ tí igbá ti ṣófo? Ní ọdún 1946, Ulf von Euler àti Göran Liljestrand, ní ilẹ̀ Súídìnì, kéde ohun tí wọ́n rí lára ológbò: nígbà tí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i. Àlàyé wọn ni pé iṣan ń fún pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dára, kí ẹ̀jẹ̀ lè yà sí ibi tó dára.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí àwọn iṣan kéékèèké ká, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àpò atẹ́gùn. Bí ọ́síjìn inú àpò náà bá lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn tí pọ́tásíọ̀mù ń gbà jáde lára ẹran yìí yóò tì. Ilẹ̀kùn mìíràn yóò ṣí, kálísíọ̀mù yóò sì wọlé. Kálísíọ̀mù ló ń mú kí ẹran náà sún kì, tí iṣan fi há. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, láìdúró de àṣẹ ọpọlọ: ẹ̀dọ̀fóró tí a yọ kúrò lára ẹranko, tí a sì ń da ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èrè rẹ̀. Ká ní ẹ̀dọ̀fóró kan kò rí afẹ́fẹ́ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara bọ̀ wá síbẹ̀ ní 70 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe jáde. Èyí tó gba ẹ̀dọ̀fóró kejì kọjá yóò jáde pẹ̀lú 98. Bí wọ́n bá pín ẹ̀jẹ̀ lọ́gbọọgba, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 84. Ṣùgbọ́n bí iṣan tó fún pọ̀ bá jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rin péré gba ibi tó ṣófo, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 91.

Àmọ́ àrùn òtútù àyà fúnra rẹ̀ lè sọ ẹran iṣan náà di aláìlágbára. Àwọn oògùn kan tó ń mú iṣan gbòòrò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà náà, nọ́ńbà orí ìka yóò lọ sílẹ̀, bí àwòrán àyà kò tilẹ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí ìdùbúlẹ̀ fi ṣe pàtàkì: ó ń ran iṣan lọ́wọ́ níbi tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́.

Ohun tó ń gbani níbi kan lè pani lára níbòmíràn. Ní La Paz, ní Bòlífíà, tó ga ju mítà 3600 lọ, gbogbo àpò atẹ́gùn ni ọ́síjìn rẹ̀ kéré, nítorí náà ibi gbogbo ni iṣan ti ń fún pọ̀. Kò sí ìsọ̀ mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ lè yà sí. Apá ọ̀tún ọkàn yóò máa ṣe wàhálà, omi sì lè jò sínú ẹ̀dọ̀fóró àlejò kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ́síjìn àti sísọ̀ kalẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìyá wa ti yí sí òsì, ẹ̀rọ náà ka 92. Àrùn kò tíì lọ. Oògùn ṣì ní iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ti yí ọ̀nà padà. Nígbà tí a padà sí kíláàsì, a kọ gbólóhùn wa àtijọ́ sára pátákó, a sì fi ọ̀rọ̀ méjì kún un: àfi ẹ̀dọ̀fóró.