Nígbà Tí Kàlẹ́ńdà Ń Dúpẹ́

Nígbà tí àwa wà léwe, Dìsẹ́ńbà ni télọ̀ máa ń dúpẹ́, kàlẹ́ńdà ló sì fi ń dúpẹ́. Yóò ti ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, yóò ká a bí ẹní, yóò sì máa pín in láti ojúlé dé ojúlé. Àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wà láàárín, òun nínú agbádá tí kò rán irú rẹ̀ fún oníbàárà kankan rí, tí oṣù méjèèjìlá wá tò yí wọn ká bí ọmọ ọ̀dọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni a ó ti rí i pé ó kí gbogbo oníbàárà rẹ̀ kú ọdún. Orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Àwa náà gbé e kọ́ ìṣó, a dúpẹ́ pé ó dúpẹ́, nígbà tí ọdún bá sì yípo, a fi bo ìwé kíkà àwọn ọmọ.

Lónìí, ọmọ àbúrò mi obìnrin ń ránṣọ ní Àjàó Ẹ̀sítéètì. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ 7&8, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí ẹni débi pé olúwarẹ̀ ní láti dákẹ́ kó lọ tán kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà pé ọdún márùn-ún. Kò tẹ kàlẹ́ńdà. Kárúsẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ gbé sórí Instagram, ìyẹn àwòrán bíi mélòó kan tó tẹ̀ lé ara wọn, tí ènìyàn ń fi ìka gbá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti fàyè gba mẹ́wàá; ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di ogún. Ogún náà ló kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ní, "Bígí Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, kí n má baà dà bí ẹni tó ń ṣe fọ́ńté."

Ojú àkọ́kọ́ ni mo ti dúró. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "A ti sọ ẹgbẹ̀ta obìnrin Èkó di arẹwà." Mo bi í pé kí ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún bi í níbo ni ẹgbẹ̀ta ti wá, ó ní iye àwọn tó ń tẹ̀ lé òun lórí Instagram ni. Mo ní kó gbé ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n jáde. Mẹ́ta ni, ìwé ọmọ iléèwé lásán, tí epo ẹ̀rọ ti bà jẹ́ létí: orúkọ, àyà, ìbàdí, gígùn, ọjọ́. A wá ojú ìwé tí ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ orúkọ kan. Mọ́kànlélógójì ni. Ẹgbẹ̀ta tẹ bọ́tìnnì. Mọ́kànlélógójì fẹsẹ̀ ara wọn padà wá kí a tún wọ̀n wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé àtijọ́ ni mo ń gbé lárugẹ. A mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó rán aṣọ ẹbí gba kàlẹ́ńdà pẹ̀lú agboòrùn. Ẹni tó tún sòkòtò kan ṣe gba "ẹ kú ọdún" láti òdìkejì títì. Fọ́tò ẹni ń bẹ nínú àpótí onígíláàsì lójú títì, kò sì sí ẹni tó bi ẹni bóyá a fẹ́. Nílé ayàwòrán, fọ́tò onígbèsè a máa dorí kodò, kí gbogbo àdúgbò lè mọ ẹni tí kò tíì sanwó. Èènì tí ìyá alátà ń bù lé ọjà wa, kò sí ìwé ìròyìn kankan tó gbé e, bóyá òun nìkan ni ọpẹ́ tó mọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Àpótí onígíláàsì náà kò kú, fóònù ló wọ̀. Nínú ogún àwòrán tí ọmọ yìí tò, ọ̀kan sọ nípa obìnrin kan tó fi oṣù mẹ́fà san owó aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìtàn akíkanjú ni. Lójú tèmi, fọ́tò tó dorí kodò ni. Òmíràn yin obìnrin kan pé ìbàdí rẹ̀ ti dín ju ti ìgbà tó kọ́kọ́ wá lọ. A yọ méjèèjì. Ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ń ròyìn fún ará ilé àti ọ̀rẹ́ ni kí a bá a yọ̀ lé lórí; ohun tó wà nínú ìwé ìwọ̀n, kó jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a bá gírámà jà. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "A": a rán, a ṣe, a dá. A yí i sí "Ẹ". "A rán aṣọ ìgbéyàwó fún wọn, a tún rán ti ìsọmọlórúkọ" di "Ẹ wọ funfun lọ sí kọ́ọ̀tù ní 2021, ní 2023, ẹ gbé ọmọ wá kí a wọ̀n ọ́n." Òmíràn di "Síkẹ́ẹ̀tì dúdú lẹ wọ̀ lọ sí ìntáfíù. Báyìí, ẹ̀yin lẹ ń bi ẹlòmíràn léèrè ọ̀rọ̀." Ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò ní mọ ẹni tó rán síkẹ́ẹ̀tì.

Ó fi àwòrán àti gbólóhùn ránṣẹ́ sí olúkúlùkù lórí Wasáàpù bí yóò ṣe jáde gan-an. Ẹni méjì kò fèsì. Ó ní, "Wọ́n ti kà á, wọ́n ti gbà nìyẹn." Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà lórí ìdáàbòbò dátà, ti 2023, kò bá àgbà lọ níbí: ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. A yọ wọ́n. Ẹnì kan gbà, ó ní kí ojú òun má hàn. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni a lò, pẹ̀lú bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tó tò wálẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí. Àwòrán náà ló rẹwà jù.

A tún ṣa ìyókù, ó ku méje. Nígbà tí a tò wọ́n wò, gèlè gbogbo wọn ti gé. Àmì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fi ṣíwájú, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì dọ́gba. Bí àkọ́kọ́ bá ṣe rí ni Instagram ń gé ìyókù. Àmì tó fẹ́ fi dúpẹ́ ló gé gèlè àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A mú un kúrò, a sọ gbogbo rẹ̀ di 1080 × 1350, gèlè padà sórí. Nítorí pé Instagram a máa gbé èkejì síwájú ẹni tó bá ti fojú fo àkọ́kọ́, aṣọ funfun kọ́ọ̀tù ni a fi ṣe èkejì, kó lè dá dúró. Ẹ̀dínwó tó fẹ́ fi kádìí rẹ̀, a fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìwé ìwọ̀n tó wà ní pípadé, tí tépù wà lórí rẹ̀, ni a fi parí.

Ìyá kan wà nínú àwọn méje, tí kò ní fóònù ìgbàlódé. Ọmọ rẹ̀ ló bá a gba àwòrán náà lórí Wasáàpù. Ọmọ àbúrò mi tẹ ojú tirẹ̀ sórí páálí dídán, ó gbé e lọ fún un. Ìyá wò ó títí, ó rí ara rẹ̀, ó rí gèlè rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ó mà dára o. Àwọn oṣù wá ńkọ́?"