Òrùlé Kan ní Ìkẹ́nnẹ́

Lóṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìró òòlù ló máa ń ta sí èèyàn létí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo ẹni tó ti mọ ògiri dé òkè ló ń sáré kí àkọ́rọ̀ òjò má bàa ká ilé òun mọ́ láìlórùlé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ láti ògiri iwájú dé ògiri ẹ̀yìn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí búlọ́ọ̀kù nídìí igi máńgòrò, tí mò ń wo bí bàbá káfíńtà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ń to egungun òrùlé náà.

Kí wọ́n tó gé igi kankan, ọ̀rọ̀ gíga òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ro ti owó páànù, ó fẹ́ kó rẹlẹ̀. Ó ní kí góńgó òrùlé fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju orí ògiri lọ. Bàbá mirí. "Màmá, 6 ni yóò jẹ́. Ti 3 yẹn, ẹ óò máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri pálọ̀ lóṣù Agẹmọ ni."

Ó fi èédú ṣe ìṣirò rẹ̀ sára ògiri. Láti orí ògiri dé abẹ́ góńgó, ìdajì fífẹ̀ ilé ni, ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí góńgó bá ga ní 3, igi tó dàgẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ráfítà, yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 àti ínṣì 4. Bó bá ga ní 6, yóò di ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ínṣì 5. Owó páànù tí ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù kò ju ínṣì 13 péré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ínṣì 13 yẹn rà, òjò ilẹ̀ Rẹ́mọ ló mọ̀ ọ́n. Òjò tó ń rọ̀ síbí lọ́dún ju mílímítà 1,200 lọ. Ká ní kì í ṣàn lọ ni, yóò mu àgbàlagbà dé àyà. Oṣù Okudu àti Agẹmọ ló máa ń pọ̀ jù, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú Ògún, á sì padà ní Owewe. Lórí òrùlé tó rẹlẹ̀, omi kì í yára sáré. Á kún inú kòtò páànù títí yóò fi ga dé ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn, á sì yọ́ wọ àárín wọn bí kẹrosín ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí afẹ́fẹ́ bá tún wá ń tì í lẹ́yìn, omi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ á máa gòkè. Lórí òrùlé tó dà dáadáa, omi ti lọ kó tó rántí pé àlàfo wà. Àwọn baba wa tó fi ewé gbọ̀dògì bolé mọ èyí, ìdí nìyẹn tí òrùlé wọn fi máa ń dà gan-an.

Mo bi bàbá pé kí ló dé tí kò ṣe 8. Ó ní igi àti páànù yóò tún lé sí i, ìjì ọwọ́ ìlà-oòrùn tó máa ń ṣáájú òjò Ẹrẹ́nà àti Igbe yóò sì rí àyà gbàgìrì kọlù. Èyí tó rẹlẹ̀ jù náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìjì, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá máa ń fà á sókè.

Ọjọ́ kejì ni igi bọ́ sọ́wọ́ wọn. Bàbá ṣẹ́ gbogbo èyí tó ní ẹ̀gbẹ́ funfun sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ajẹgi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi sọ́lígínọ́ọ̀mù kun ìyókù. Wọ́n tẹ́ tú-báì-síìsì sórí ògiri, wọ́n sì tẹ irin tí bíríkìlà ti rì mọ́ kọnkéré bò ó lórí, kí ìjì tó bá fẹ́ gbé òrùlé lè kọ́kọ́ gbé ògiri.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti kan egungun àkọ́kọ́, òun ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ fún ìyókù. Ráfítà méjì forí kan ara wọn lókè. Igi gbọọrọ kan, táì-bíìmù, so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ nísàlẹ̀. Kíńpósì dúró láàárín, igi kúkúrú méjì sì ti ìdí rẹ̀ ya lọ gbé àárín ráfítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bàbá ya ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà lórí iyanrìn láti là mí lóye. "Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ mi á máa ya lọ. Okùn tó bá so ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni táì-bíìmù. Ẹni tó bá gé e, ògiri ló ń tì síta." Nítorí pé fífà ni wọ́n ń fa igi yìí, ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ gba ìṣọ́ra. Wọ́n fi pákó gba ẹ̀gbẹ́ oríkèé náà lọ́tùn-ún lósì, wọn kò sì to ìṣó sójú ìlà kan, kí igi má bàa là.

Kíńpósì ló yà mí lẹ́nu jù. Òpó ni mo pè é, èmi rò pé ó dúró lórí táì-bíìmù ni. Irọ́ ni. Òkè ló ti rọ̀ sílẹ̀, òun ló sì gbé táì-bíìmù dání. Bàbá mú mi lọ sínú àjà ilé wa àtijọ́ ní Ṣágámù, tí góńgó rẹ̀ ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin. Ó ki ìka bọ àárín ìdí kíńpósì àti igi ìsàlẹ̀, ìka náà wọlé. Ìṣó nìkan ni wọ́n fi mú un, ó sì ti fà yọ díẹ̀díẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, irin pẹlẹbẹ ló gba abẹ́ táì-bíìmù kọjá, tó sì gun kíńpósì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Wọ́n gbé ti ìpẹ̀kun méjèèjì nàró, wọ́n ta òwú láti góńgó sí góńgó, wọ́n sì to ìyókù sábẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 síra wọn. Páànù wá bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, kí etí tó bá wà lókè lè kẹ̀yìn sí ìjì. Orí òkè páànù ni wọ́n kan ìṣó mọ́, wọn kò kan án sínú kòtò tí omi ń gbà. Wọ́n jẹ́ kí etí òrùlé yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 síta.

Mo padà síbẹ̀ lóṣù Agẹmọ, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú. Àjà gbẹ. Níta, omi òrùlé ti fa ìlà kan sínú iyanrìn, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ògiri, ó tọ́ bí òwú tí bàbá ta.